Gíláàsì Iwájú Mọ́tò Sán: Ṣé Kí Inṣọ́ránsì San Án ni, àbí Ká San Án Lápò?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, mo ń bọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀nà A2, lọ́rì kan tó kó òkúta wẹ́wẹ́ wà níwájú mi. Mo kàn gbọ́ "pàì!" lára gíláàsì ni. Àpá tó kù síbẹ̀ kò tó èékánná ọmọńdinrín, ó rí bí ìràwọ̀ kékeré, ó sì wà lọ́wọ́ òsì, ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jókòó ti awakọ̀. Mo ní mi ò ráyè, mo fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, ìrì dídì bo mọ́tò, mo tan ooru sí gíláàsì dé òpin, mo wọlé lọ gbé tíì mi. Kí n tó jáde, ìlà kan ti gùn láti ara àpá yẹn dé àárín gíláàsì. Ohun tí mi ò bá ti fi £25 parí ti di £115 báyìí, ìyẹn tí mo bá gba ọ̀dọ̀ inṣọ́ránsì lọ.

Ọ̀rọ̀ "tí mo bá gba ọ̀dọ̀ inṣọ́ránsì lọ" yẹn ni mo fẹ́ tú wò níbí, fún àwa tí a ń wa mọ́tò ní Ìlú Ọba. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní, kí ẹ pe nọ́ńbà gíláàsì tí inṣọ́ránsì yín fún yín, kí oníṣẹ́ tiwọn wá ṣe é. Èkejì, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ tó wù yín, kí ẹ wá gba owó padà lọ́wọ́ inṣọ́ránsì. Ẹ̀kẹta, kí ẹ yọ owó lápò, kí ẹ san án, kó tán síbẹ̀. Èyí tó dára jù kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo mọ́tò. Mo máa fi mọ́tò tèmi àti ti àbúrò mi hàn yín, nítorí pé ìpinnu méjèèjì yàtọ̀ pátápátá.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wọn àpá náà

Gíláàsì iwájú kì í ṣe awẹ́ kan. Awẹ́ méjì ni, wọ́n fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín wọn, ike yẹn ló ń dì í mú tí kì í fi í tú ká sí wa lójú. Òkúta sábà máa ń pa awẹ́ òde nìkan lára. Bí àpá náà bá ṣì kéré, oníṣẹ́ á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, á fi oje kan tó mọ́ gaara kún un, á sì tan iná pàtàkì kan sí i kó lè gan. Gbogbo rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Àpá náà kì í parẹ́ tán o, ẹ ṣì máa rí òjìji rẹ̀ tí oòrùn bá yọ, àmọ́ kò ní gùn mọ́.

Tí ó bá ti di ìlà gígùn bíi tèmi, tàbí tí ó wà létí gíláàsì gan-an, pípààrọ̀ ló kù. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn kì í sábà ní àtúnṣe rárá, torí wọ́n ti fi iná mú un le, tó bá fọ́, wóró-wóró ló ń fọ́ sí, gbogbo rẹ̀ á sì dà sílẹ̀.

Ìwọ̀n kan tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ ni ti àyẹ̀wò ọdọọdún, MOT. Ẹ jókòó sídìí sítíárìn, kí ẹ fojú inú fa ọ̀já kan tó dúró lóòró, tó fẹ̀ ní mílímítà 290, sójú gíláàsì, kí àárín rẹ̀ kọjú sí àárín sítíárìn. Láàárín ọ̀já yẹn, níbi tí wáípà ń nù, àpá tó bá ju mílímítà 10 lọ máa jẹ́ kí mọ́tò fìdí rẹmi. Níbi yòókù tí wáípà ń nù, mílímítà 40 ni òpin. Rúlà ọmọ iléèwé tó fún èyí. Àpá tèmi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò tó mílímítà 10, kò sì sí níwájú mi. Bó ṣe wà yẹn, yóò yege. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀ jù.

Tí ẹ ò bá ráyè lọ́jọ́ náà, ẹ fi sẹ́lótéèpù tó mọ́ bò ó lóde kí omi àti ìdọ̀tí má wọnú rẹ̀, torí oje kì í di àpá tó ti mu omi ìdọ̀tí dáadáa. Ẹ má da omi gbígbóná sí i, ẹ má sì tan ooru sí i lójijì. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Owó méjì tó wà nínú ìwé inṣọ́ránsì yín

Tọ́ọ̀dù-pátì, èyí tó ń san kìkì ohun tí ẹ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, kì í sábà san gíláàsì, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó fi iná àti olè kún un. Kọ́mpírìhẹ́nsìfù, èyí tó bo mọ́tò tiyín náà, ló sábà máa ń ní in, àwọn ìwé olówó pọ́ọ́kú kan sì wà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò tí wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Ẹ ṣí ìwé yín sí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ gíláàsì, owó méjì lẹ máa wá níbẹ̀.

Èkíní ni ẹ́sẹ́ẹ̀sì, ìyẹn owó tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ san. Ẹ́sẹ́ẹ̀sì gíláàsì dá dúró, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti jàǹbá. Ti jàǹbá tèmi jẹ́ £400, àmọ́ ti gíláàsì jẹ́ £25 fún àtúnṣe àti £115 fún pípààrọ̀. Àwọn ìwé mìíràn kì í gba kọ́bọ̀ fún àtúnṣe, nítorí ó wù wọ́n kí ẹ tètè dí àpá ju kí wọ́n wá ra gíláàsì tuntun fún yín.

Èkejì ni òpin, ìyẹn iye tí wọn ò ní kọjá. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Lọ́dọ̀ oníṣẹ́ tí inṣọ́ránsì yàn, kò sábà sí òpin. Gíláàsì ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn, ẹ́sẹ́ẹ̀sì yín nìkan lẹ máa san. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, òpin dé. Èyí ni bí ìwé tèmi ṣe rí:

| | Oníṣẹ́ inṣọ́ránsì | Oníṣẹ́ tí mo yàn, kí wọ́n san padà | Mo san lápò |
|---|---|---|---|
| Àtúnṣe àpá | mo san £25 | wọn ò ní san ju £40 lọ | iye tí oníṣẹ́ bá pè |
| Pípààrọ̀ | mo san £115, kò sí òpin | wọn ò ní san ju £150 lọ | iye tí oníṣẹ́ bá pè |
| Títo kámẹ́rà | ó wà nínú rẹ̀ | wọn ò san án | èmi ni n ó wá a |

Ìwé tiyín lè yàtọ̀, àmọ́ bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ń bọ̀ níwájú. Ọ̀nà ìkejì yẹn ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan mọ oníṣẹ́ gíláàsì kan tó jẹ́ ọmọ ilé, iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó sì wu ọ̀rẹ́ mi kó gbé iṣẹ́ náà fún un. Ó san £430, ó ní inṣọ́ránsì á dá a padà. Òpin tirẹ̀ náà jẹ́ £150. Ó rò pé wọ́n á yọ ẹ́sẹ́ẹ̀sì £115 kúrò lára £430, kí wọ́n wá fún un ní £150. Ohun tí ìwé rẹ̀ sọ ni pé lára òpin ni wọ́n ti máa yọ ẹ́sẹ́ẹ̀sì. £35 ló rí gbà. Ó san £395 lápò, kíléèmù sì wà lórúkọ rẹ̀. Bó bá mọ̀, ì bá má ti ṣe kíléèmù rárá.

Èrò mi lórí ọ̀nà ìkejì ni pé kò dára fún ẹnikẹ́ni, àyàfi tí oníṣẹ́ inṣọ́ránsì bá sọ pé àwọn ò ní irú gíláàsì yín. Bí bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí inṣọ́ránsì fún yín ní àṣẹ lórí ìwé tàbí ímeèlì kí ẹ tó gbé mọ́tò lọ síbòmíràn, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé òpin yẹn kò kàn yín.

Kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn díńgí

Ẹ wo òkè gíláàsì láti òde, lẹ́yìn díńgí àárín. Tí ẹ bá rí ojú kámẹ́rà kan níbẹ̀, owó ti yàtọ̀. Kámẹ́rà yẹn ló ń wo ìlà ojú ọ̀nà, òun ló ń bá ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì, ojú tó fi ń wo ìta ti yí díẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un tò, yálà kí wọ́n gbé pátákó pàtàkì kan síwájú mọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí wọ́n wà á lójú títì bí ẹni tó ṣe mọ́tò náà ṣe là á kalẹ̀. Àwọn mọ́tò mìíràn ń béèrè méjèèjì.

Nígbà tí mo pe oníṣẹ́ aládàáni kan láti mọ iye, ó ní £310. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo wá béèrè bóyá owó orí ọjà wà nínú rẹ̀, ó ní rárá. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé e lórí, ó di £372. Mo béèrè kámẹ́rà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò sí lọ́dọ̀ wa, ẹ máa gbé e lọ sí ibòmíràn." Ibòmíràn náà pe £150. Ó di £522. Ẹ gbọ́ bí iye kan ṣe ń dàgbà nínú fóònù!

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ mọ iye gidi tí ẹ máa fi wé ẹ́sẹ́ẹ̀sì, ẹ béèrè owó orí ọjà, ẹ béèrè kámẹ́rà, ẹ sì béèrè bóyá gíláàsì náà ní ohun tí ti àtijọ́ ní: waya tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ìrì dídì, ojú tó ń mọ̀ pé òjò ń rọ̀, tàbí irú èyí tó ń dín ariwo kù. Ẹni tó bá fi gíláàsì lásán rọ́pò èyí tó ní waya ti gba owó yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìṣirò mọ́tò méjì

Tèmi rọrùn. £522 lápò, tàbí £115 lọ́dọ̀ inṣọ́ránsì. Ìyàtọ̀ jẹ́ £407. Mo pe nọ́ńbà gíláàsì.

Ti àbúrò mi kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Kòrólà àtijọ́ kan ló ń wà, kò sí kámẹ́rà, kò sí waya, gíláàsì rẹ̀ kún ọjà. Oníṣẹ́ aládàáni pe £180, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ́sẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ náà jẹ́ £115. Ohun tí kíléèmù máa mú wá fún un kò ju £65 lọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ wá ni pé, kí ni £65 yẹn lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá yá?

Níbi yìí ni nó-kíléèmù, ẹ̀dínwó tí inṣọ́ránsì ń fún ẹni tí kò ṣe kíléèmù, ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ìwé inṣọ́ránsì sọ ọ́ pé kíléèmù gíláàsì nìkan kò kan nó-kíléèmù, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ẹ̀dínwó ni nó-kíléèmù. Ẹ̀dínwó lè dúró bó ṣe wà, kí iye tí wọ́n ti ń dín in gòkè. Tí ọjọ́ àtúnṣe ìwé bá dé, tàbí tí ẹ bá lọ wá iye lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n máa ń béèrè jàǹbá, kíléèmù tàbí àdánù tó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń béèrè ti ọdún márùn-ún. Àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ gbọ́ ti gíláàsì. Àwọn kan fẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn kan kì í ṣe nǹkan kan sí ẹyọ kan, tó bá di méjì ni wọ́n á ṣí ojú.

Tí inṣọ́ránsì bá fi £22 kún owó àbúrò mi lọ́dún, ní ọdún mẹ́ta ó ti di £66, èrè £65 ti wọmi. Kò sí ẹni tó lè bá a búra pé wọ́n á fi kún un, kò sì sí ẹni tó lè búra pé wọn ò ní ṣe é. Nítorí £65, mo ní kó yọ owó rẹ̀ lápò. Ká ní £300 ni, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, torí owó tó máa jẹ èrè bẹ́ẹ̀ tán gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún fún ọdún mẹ́ta, gíláàsì kan ṣoṣo kì í sì sábà fa irú ìyẹn.

Fún àpá kékeré, mo máa ń wo ẹ́sẹ́ẹ̀sì nìkan. Tí àtúnṣe bá jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí £10 lọ́dọ̀ inṣọ́ránsì, kí wọ́n wá ṣe é. Tó bá jẹ́ £25, tí oníṣẹ́ àdúgbò sì ń gba £45, kí n lọ gbé orúkọ mi sínú ìwé kíléèmù nítorí £20, rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìrònú yìí fà á gùn. Àpá tí ẹ dí lónìí lọ́nà tó wọ́n díẹ̀ sàn ju èyí tí ẹ ń ṣírò fún ọjọ́ méjìlá.

Ọ̀rọ̀ kan nípa òtítọ́. Ẹ ka ìbéèrè inṣọ́ránsì bó ṣe wà, kí ẹ dáhùn bó ṣe wà. Tí wọ́n bá béèrè kíléèmù nìkan, èyí tí ẹ san lápò kì í ṣe kíléèmù. Tí wọ́n bá béèrè àdánù tàbí ìbàjẹ́ "yálà ẹ gba owó tàbí ẹ ò gbà", ó ti kó ti àpò mọ́ ọn nìyẹn, ẹ sọ ọ́. Òfin ọdún 2012 lórí ohun tí oníbàárà ń sọ fún inṣọ́ránsì ní kí ẹ ṣọ́ra tó bó ṣe yẹ kí ẹ má sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Nítorí gíláàsì £180, kò yẹ kí ìwé odindi mọ́tò wó. Ohun mìíràn ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ka ìwé yín kí ẹ tó pe inṣọ́ránsì láti "kàn béèrè". Tí ẹ bá ti fún wọn ní nọ́ńbà mọ́tò tí ẹ sì ti ròyìn, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìṣẹ̀lẹ̀, kó tó di pé ẹ pinnu ohunkóhun.

Gíláàsì tí kì í ṣe gíláàsì lójú inṣọ́ránsì

Díńgí ẹ̀gbẹ́ àti gíláàsì iná kò sí lábẹ́ ẹ̀ka yìí nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Tí ẹni kan bá gbá díńgí yín lọ, kíléèmù ńlá ni, ẹ́sẹ́ẹ̀sì £400, ó sì kan nó-kíléèmù. Gíláàsì orí òrùlé ni kí ẹ wò dáadáa: àwọn ìwé kan kọ "gíláàsì iwájú àti fèrèsé" nìkan, ti orí òrùlé kò sì sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló wọ́n jù lára mọ́tò tuntun.

Fèrèsé tí olè fọ́ wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ gíláàsì nìkan ló bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìwé sì gbà pé kí wọ́n tún ọ̀dà tí àfọ́kù gíláàsì ha ṣe. Ṣùgbọ́n tí olè náà bá ti ká ilẹ̀kùn, tó sì kó báàgì lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gíláàsì nìkan. Ẹ má ya gíláàsì sọ́tọ̀ nígbà yẹn. Kó gbogbo rẹ̀ sínú kíléèmù kan, kí ẹ má baà san ẹ́sẹ́ẹ̀sì méjì.

Tẹ́ ẹ bá ń ronú láti lé lọ́rì tó ju òkúta, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ máa ní láti fi hàn pé ó ṣàìbìkítà, pé kò bo ẹrù rẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Òkúta tí táyà rẹ̀ gbé nílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Àwọn ará ilé ní Nàìjíríà máa ń bi mí bóyá tọ́ọ̀dù-pátì ₦15,000, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023 fún mọ́tò aládàáni, máa ra gíláàsì fún wọn. Kò ní rà á. Ohun tí ẹ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn ló wà fún. Kọ́mpírìhẹ́nsìfù tó bá fi gíláàsì kún un níbẹ̀, iye náírà tó kọ sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ fi wé iye gíláàsì mọ́tò yín lọ́jà lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ìwé.

Oníṣẹ́ inṣọ́ránsì dé iwájú ilé mi lọ́jọ́ kẹta tí mo pè. Ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé gọ́ọ̀mù àtijọ́, ó fi tuntun lẹ̀ ẹ́, ó ní kí n má wa mọ́tò títí wákàtí kan á fi kọjá, kí n má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi omi alágbára fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn fún kámẹ́rà. Ìgbà àkọ́kọ́ kò gbà, torí táyà kan ti rọ̀ tí mọ́tò fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà náà, ó gbà. Mo fi ìwé tó sọ pé ó gbà sínú fáìlì pẹ̀lú rìsíìtì £115. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò yẹn lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan yóò béèrè rẹ̀.